Oṣù kan náà, ìṣirò méjì: báwo la ṣe ń mọ ìdá tí sáfà fi ṣiṣẹ́ lóṣù?

*Ẹ kú iṣẹ́ o, ọ̀gá wa. Èmi ni akọ̀wé ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù kan nílùú Ìbàdàn. Orí wẹ́bùsáìtì wa ni àwọn ọmọ ẹgbẹ́ ti ń wo iye tí wọ́n ti dá àti gbèsè tó kù lọ́rùn wọn. Àwọn tó ń bá wa tọ́jú sáfà, ìyẹn kọ̀ǹpútà tí wẹ́bùsáìtì náà wà lórí rẹ̀, ṣèlérí pé yóò máa ṣiṣẹ́ fún 99.9% àkókò lóṣù. Mo ṣírò oṣù kẹsàn-án ọdún 2025, mo rí 99.56%. Àwọn ní 99.94% ni. Mo ti fi àkọsílẹ̀ wa ránṣẹ́ sí yín. Ta ló ṣì í ṣírò nínú àwa méjèèjì? Kí sì ni 99.9% yẹn gbà wọ́n láàyè láti ṣe gan-an?*

Akọ̀wé wa, ẹ kú iṣẹ́, ẹ sì kú ìtọ́jú àkọsílẹ̀. Ẹ̀yin méjèèjì lẹ ṣì í ṣírò. Bí mo ṣe tò ó, 99.77% ni oṣù yẹn já sí. Wọn ò mú ìlérí wọn ṣẹ, àmọ́ ohun tí wọ́n jẹ yín kò pọ̀ tó ohun tí ẹ rò. Ẹ jẹ́ kí n tò ó lọ́kọ̀ọ̀kan, kí ẹ lè rí ibi tí nọ́ńbà yín àti tiwọn ti yà kúrò lọ́nà, torí ibẹ̀ gan-an ni àríyànjiyàn yóò wà nígbà tí ẹ bá jókòó pẹ̀lú wọn.

Ìṣirò náà fúnra rẹ̀ kò le. Ẹ ó wá iye ìṣẹ́jú tó wà nínú oṣù, ẹ ó yọ ìṣẹ́jú tí ẹ̀rọ kò fi ṣiṣẹ́ kúrò, ẹ ó fi iye ìṣẹ́jú oṣù náà pín èyí tó kù, ẹ ó wá sọ ọ́ lọ́nà ọgọ́rùn-ún. Wákàtí 24 lọ́nà ìṣẹ́jú 60 jẹ́ ìṣẹ́jú 1,440 lójúmọ́ kan. Ọjọ́ 30 ni oṣù kẹsàn-án ní, nítorí náà ìṣẹ́jú 43,200 ló wà nínú rẹ̀. Oṣù tó bá ní ọjọ́ 31 yóò ní 44,640. Oṣù kejì tó ní ọjọ́ 28 yóò ní 40,320. Ẹ má ṣe fi 43,200 ṣírò gbogbo oṣù, bí àwọn kan ṣe máa ń ṣe kí ó lè yá. Ìyàtọ̀ rẹ̀ kéré lóòótọ́, àmọ́ ní oṣù tí ẹ bá fi ìṣẹ́jú kan tàbí méjì kọjá ibi tí àdéhùn fi sí, ìyàtọ̀ kékeré yẹn ni wọn yóò gbá mú.

Iye ìṣẹ́jú tí ẹ ó yọ kúrò ni iṣẹ́ wà. Àkọsílẹ̀ tí ẹ fi ránṣẹ́ nìyí, aago Nàìjíríà ni gbogbo rẹ̀:

```
1  31/08 23:40 - 01/09 00:25  sáfà
2  09/09 10:12 - 09/09 10:31  wẹ́bùsáìtì
3  09/09 10:20 - 09/09 10:47  dátábéèsì
4  14/09 02:00 - 14/09 03:30  àtúnṣe
5  23/09 16:05 - 23/09 16:13  sáfà
```

Ẹ ka ìṣẹ́jú orí ìlà kọ̀ọ̀kan, ẹ rí 45, 19, 27, 90 àti 8, ẹ sì ro gbogbo rẹ̀ pọ̀ di 189. Ibẹ̀ ni 99.56% yín ti wá. Àwọn tó ń tọ́jú sáfà ní tiwọn mú ìlà kejì àti ìkarùn-ún nìkan, 19 àti 8, ó di 27, ìyẹn ló bí 99.94%. Kò sí ẹni tó purọ́ nínú yín. Ohun tí ẹ kà sí ìdádúró ló yàtọ̀ sí ohun tí wọ́n kà.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti orí ìlà àkọ́kọ́. Sáfà kú ní ogún ìṣẹ́jú kí oṣù kẹjọ tó parí, kò sì jí títí oṣù kẹsàn-án fi di ìṣẹ́jú 25. Ìṣẹ́jú 45 lápapọ̀, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n 20 àkọ́kọ́ ti oṣù kẹjọ ni. Ààlà oṣù ni ẹ gbọ́dọ̀ gé e sí: 25 ló wọ oṣù kẹsàn-án, 20 tó kù yóò lọ bá ìṣirò oṣù kẹjọ, ẹ má sì jẹ́ kí ó sọnù sáàárín. Mo sọ bẹ́ẹ̀ nítorí pé ó wọ́pọ̀ kí ẹni tó ń ṣírò oṣù kẹjọ má kà á torí pé kò tíì parí nínú oṣù yẹn, kí ẹni tó ń ṣírò oṣù kẹsàn-án náà má kà á torí pé inú oṣù kẹjọ ló ti bẹ̀rẹ̀.

Kí ló wá dé tí àwọn tó ń bá yín tọ́jú sáfà kò ka ìṣẹ́jú kankan nínú rẹ̀ sí oṣù kẹsàn-án? Aago ló fà á. Ọ̀pọ̀ sáfà lágbàáyé ni aago UTC, ìyẹn aago àjùmọ̀lò àgbáyé, wà lórí wọn, aago Nàìjíríà sì fi wákàtí kan ṣáájú UTC. Nínú ìwé tiwọn, ìdádúró yẹn bẹ̀rẹ̀ ní 22:40, ó parí ní 23:25, ọjọ́ 31 oṣù kẹjọ ni gbogbo rẹ̀. Nítorí náà wọ́n ti kó gbogbo ìṣẹ́jú 45 sí oṣù kẹjọ. Tí àdéhùn yín bá sọ pé UTC lẹ ó máa lò, wọ́n jàre lórí ìlà yìí, ẹ ó sì wo ìwé oṣù kẹjọ bóyá 45 wà níbẹ̀ lóòótọ́. Tí àdéhùn kò bá sọ nǹkankan, mo rò pé aago ibi tí àwọn oníbàárà wà ni ó yẹ kí a lò, ìdí nìyẹn tí mo fi ka 25. Èyí tó burú ni kí ẹ lo aago kan, kí wọ́n lo òmíràn, kí ìdádúró kan náà bọ́ sí oṣù méjì tàbí kó má bọ́ sí ìkankan.

Ní ìlà kejì àti ìkẹta, ẹ tún ṣi ìṣirò. Ìṣẹ̀lẹ̀ kan náà ni méjèèjì. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun yẹn, wẹ́bùsáìtì kú ní 10:12, dátábéèsì tẹ̀lé e ní 10:20, wẹ́bùsáìtì padà dé ní 10:31, àmọ́ dátábéèsì kò dé títí di 10:47. Láti 10:20 sí 10:31, àwọn méjèèjì ló kú pọ̀. Ìṣẹ́jú 11 yẹn ni ẹ kà lẹ́ẹ̀mejì. Ọmọ ẹgbẹ́ tó ń gbìyànjú láti wo owó rẹ̀ kò ní àárọ̀ méjì. Ìṣẹ́jú kan tí kò rí i wò, ìṣẹ́jú kan náà ni, ìbáà jẹ́ nǹkan méjì ló kú tàbí mẹ́wàá. Ohun tí ẹ ó ṣe ni pé kí ẹ mú ìgbà tí èyí tó kọ́kọ́ kú kú, kí ẹ mú ìgbà tí èyí tó jí gbẹ̀yìn jí, níwọ̀n ìgbà tí kò bá sí àlàfo láàárín wọn. 10:12 sí 10:47 jẹ́ ìṣẹ́jú 35. Ẹ̀yin kà á sí 46.

Àwọn náà ṣi tiwọn níbẹ̀. Wọ́n ka ìṣẹ́jú 19 ti wẹ́bùsáìtì, wọ́n fi ti dátábéèsì sílẹ̀, wọ́n ní ojú ìwé àkọ́kọ́ ti ń ṣí láti 10:31. Lóòótọ́ ni ojú ìwé àkọ́kọ́ ń ṣí. Ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń ṣọ́ ọ béèrè ojú ìwé yẹn, ó rí i gbà, ó sì kọ ọ́ sílẹ̀ pé nǹkan ń lọ déédéé. Àmọ́ ẹni tó bá tẹ nọ́ńbà ìdánimọ̀ rẹ̀ láti wọlé, àṣìṣe ló ń rí títí di 10:47, torí dátábéèsì ló mọ ẹni tí wọ́n jẹ́ àti iye tí wọ́n ní. Ohun tí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ yín ń wá sórí wẹ́bùsáìtì yẹn ni owó wọn, wọn kò wá wo àwòrán ojú ìwé àkọ́kọ́. Tí wọn ò bá lè rí owó wọn, ó ti kú nìyẹn. Ẹ sọ fún ẹni tó ń bá yín ṣe ètò tó ń ṣọ́ wẹ́bùsáìtì pé kí ó ṣí àkáǹtì ìdánwò kan, kí ètò náà máa fi wọlé, kí ó sì máa wò bóyá iye owó inú rẹ̀ jáde. Irú àyẹ̀wò bẹ́ẹ̀ ni yóò rí ohun tí èyí tó ń wo ojú ìwé àkọ́kọ́ kò lè rí láéláé.

Ìlà kẹrin ni àtúnṣe. Wọ́n kọ̀wé sí yín tẹ́lẹ̀ pé láti aago méjì sí aago mẹ́ta òru mọ́júmọ́ ọjọ́ Àìkú 14, àwọn yóò ṣe àtúnṣe. Ẹ fi ìwé náà ránṣẹ́ sí mi, mo sì rí i pé àdéhùn yín yọ àtúnṣe tí wọ́n bá kéde ní ọjọ́ mẹ́ta ṣáájú kúrò nínú ìṣirò. Wọ́n kéde rẹ̀ lásìkò, nítorí náà ìṣẹ́jú 60 àkọ́kọ́ kò sí lọ́rùn wọn. Ẹ̀yin kà á, kò yẹ kí ẹ kà á. Àmọ́ iṣẹ́ ọ̀hún kò parí ní aago mẹ́ta. Wẹ́bùsáìtì kò padà títí di 3:30. Wákàtí kan ni wọ́n gbàyè rẹ̀, wákàtí kan àti ààbọ̀ ni wọ́n lò. Ìṣẹ́jú 30 tó kọjá àkókò tí wọ́n kéde kì í ṣe àtúnṣe tí a kéde mọ́, ìdádúró lásán ni, ó sì gbọ́dọ̀ wọlé. Wọ́n yọ gbogbo 90 kúrò.

Àwọn kan máa ń béèrè bóyá ìṣẹ́jú 60 yẹn yẹ kí ó kúrò nínú 43,200 pẹ̀lú, kí a fi 43,140 pín dípò rẹ̀. Àdéhùn kan sọ bẹ́ẹ̀, òmíràn kò sọ. Fún oṣù yín, méjèèjì já sí 99.77%, ẹ má ṣe bá ẹnikẹ́ni jà lórí rẹ̀.

Lórí ìlà karùn-ún, ẹ̀yin méjèèjì fohùn ṣọ̀kan pé ìṣẹ́jú 8 ni. Mo fẹ́ kí ẹ mọ bí 8 yẹn ṣe dá yín lójú tó. Ètò tó ń ṣọ́ wẹ́bùsáìtì yín ń yẹ̀ ẹ́ wò ní ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan. Tí ó bá yẹ̀ ẹ́ wò ní 16:04 tó rí i pé ó wà láàyè, tó sì bá a ní òkú ní 16:05, kò mọ ìṣẹ́jú àáyá tó kú gan-an láàárín méjèèjì. Bákan náà ni ìgbà tó jí. Ó lè jẹ́ ìṣẹ́jú 7 àti díẹ̀, ó lè sún mọ́ 9. Fún àdéhùn 99.9%, ó dára bẹ́ẹ̀. Ká ní ìṣẹ́jú márùn-ún márùn-ún ló ń yẹ̀ ẹ́ wò ni, ìdádúró ìṣẹ́jú mẹ́rin lè wáyé láàárín àyẹ̀wò méjì kí ó má sì hàn nínú ìwé kankan. Àkọsílẹ̀ bẹ́ẹ̀ kò lè sọ bóyá ẹni tó ṣèlérí 99.99% mú ìlérí ṣẹ, torí gbogbo ìdádúró tí irú ẹni bẹ́ẹ̀ ní ààyè fún lóṣù kò tó ìṣẹ́jú márùn-ún.

Ó ti pé nìyẹn: 25, 35, 30 àti 8, ìṣẹ́jú 98.

```
(43200 - 98) / 43200 * 100 = 99.7731
```

Kí ẹ má baà máa fi ọwọ́ gé ààlà oṣù, kí ẹ má sì máa wá èyí tó wọnú ara wọn fúnra yín, Excel tàbí Google Sheets lè bá yín ṣe é. Ẹ kọ orí ọ̀rọ̀ sí ìlà àkọ́kọ́ nínú òpó A àti B. Láti ìlà kejì lọ, ìgbà tí ìdádúró bẹ̀rẹ̀ wà ní òpó A, ìgbà tó parí wà ní òpó B. Ẹ fi 00:00 ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù náà sí D1, ẹ fi ti oṣù tó tẹ̀lé e sí E1. Ẹ to àwọn ìlà náà láti orí èyí tó kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀, lẹ́yìn náà ẹ kọ èyí sí C2, kí ẹ sì fà á wá sísàlẹ̀:

```
=MAX(0, MIN(B2,$E$1) - MAX(A2,$D$1,MAX(B$1:B1))) * 1440
```

Ohun tó ń ṣe ni pé kì í ka ìṣẹ́jú tó wà lẹ́yìn ààlà oṣù, kì í sì í ka ìṣẹ́jú tí ìlà tó wà lókè rẹ̀ ti kà tẹ́lẹ̀. Fún ìlà dátábéèsì, 16 ni yóò gbé jáde dípò 27, torí 11 ti wà nínú ti wẹ́bùsáìtì. Tí ẹ kò bá to àwọn ìlà náà lẹ́sẹẹsẹ, yóò ṣì yín lọ́nà láìpariwo. Ní ti àtúnṣe tí wọ́n kéde, 03:00 ni kí ẹ kọ sí òpó A, ìyẹn ìgbà tí ààyè tí wọ́n gbà parí.

Ẹ ṣọ́ra fún bí wọ́n ṣe ń gé nọ́ńbà kúrú. 99.85% tí a bá sún sókè sí nọ́ńbà kan péré lẹ́yìn ojú àmì yóò di 99.9%, yóò sì dà bí ẹni tó mú ìlérí ṣẹ, bẹ́ẹ̀ ìdádúró ìṣẹ́jú 64.8 ló wà lábẹ́ rẹ̀ ní oṣù ọlọ́jọ́ 30. Ẹ béèrè iye ìṣẹ́jú lọ́wọ́ wọn nígbà gbogbo. Ìṣẹ́jú kì í fara pamọ́ bí ìdá ọgọ́rùn-ún ṣe ń fara pamọ́.

Ìbéèrè yín kejì ni mo fẹ́ràn jù. Ohun tí 99.9% ń sọ ni pé nínú ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú, ìṣẹ́jú kan lè bàjẹ́. Nínú 43,200, ìyẹn jẹ́ ìṣẹ́jú 43 àti ìṣẹ́jú àáyá 12. Bọ́jẹ́ẹ̀tì wọn nìyẹn. Bí owó oúnjẹ tí a kó lé ìyàwó ilé lọ́wọ́ ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù ló rí: ìdádúró kọ̀ọ̀kan ń ná an, kò sì sí ẹni tó yẹ kó bínú níwọ̀n ìgbà tí kò bá tíì tán. Ẹni tó ṣèlérí 99.9% kò sọ pé sáfà kò ní kú. Ó sọ iye tí yóò kú kí ó tó jẹ yín ní gbèsè. Tí wẹ́bùsáìtì bá kú fún ogún ìṣẹ́jú lóṣù tí ẹ sì kọ̀wé ìbínú sí wọn, wọn kò ṣẹ̀ yín o, inú ohun tí ẹ jọ fọwọ́ sí ni wọ́n wà.

Ẹ wo bí oṣù kẹsàn-án ṣe ná bọ́jẹ́ẹ̀tì rẹ̀. Ọjọ́ Ajé tó bẹ̀rẹ̀ oṣù, ilẹ̀ kò tíì mọ́, ìṣẹ́jú 25 ti lọ. Ó ku 18.2. Ní ọjọ́ 9, 35 lọ lẹ́ẹ̀kan, wọ́n sì ti wọ gbèsè ìṣẹ́jú 16.8 nígbà tí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ṣì wà níwájú. Ìṣẹ́jú 30 ti ọjọ́ 14 sọ gbèsè náà di 46.8, ìṣẹ́jú 8 ti ọjọ́ 23 sọ ọ́ di 54.8. Ọjọ́ 9 ni kí ẹ fọkàn sí níbẹ̀. Ẹni tó bá ń ka bọ́jẹ́ẹ̀tì bí oṣù ṣe ń lọ yóò ti mọ̀ ní ọjọ́ yẹn pé oṣù ti bàjẹ́, yóò sì ti sún àtúnṣe ọjọ́ 14 síwájú tí kò bá jẹ́ ti kánjúkánjú. Àtúnṣe tí a kéde kì í ná bọ́jẹ́ẹ̀tì, àmọ́ bí ó bá kọjá àkókò rẹ̀, ó ń ná an, ohun tó sì ṣẹlẹ̀ gan-an nìyẹn. Ọ̀nà yìí ni àwọn ẹnjiníà Google sọ di gbajúmọ̀: tí bọ́jẹ́ẹ̀tì bá ṣì wà, ẹ máa gbé nǹkan tuntun jáde, tí ó bá ti tán, ẹ dáwọ́ nǹkan tuntun dúró, kí ẹ tún ohun tó ń kú ṣe. Ẹni tó bá dúró di ìparí oṣù kó tó ṣírò kò lè fi nọ́ńbà náà ṣe ìpinnu kankan, àtijà ló kù tó lè fi í ṣe.

Bọ́jẹ́ẹ̀tì tún ń fi hàn yín ohun tí ìlérí kan yóò ná ẹni tó ṣe é. Ẹ ro ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nígbà tí sáfà bá kú lóru. Ètò tó ń ṣọ́ ọ gbọ́dọ̀ rí i, fóònù gbọ́dọ̀ dún, ẹnì kan gbọ́dọ̀ jí, kí ó tan kọ̀ǹpútà, kí ó wọlé, kí ó wá ohun tó fà á, kí ó tún un ṣe. Tí gbogbo èyí bá gba ogún ìṣẹ́jú, 43 tó wà nínú 99.9% kò ju ìjàǹbá méjì lọ lóṣù. 99% ní ìṣẹ́jú 432, wákàtí 7 àti ìṣẹ́jú 12, ẹni kan ṣoṣo tó ń sùn dáadáa lè ṣe é. 99.99% ní ìṣẹ́jú 4 àti ìṣẹ́jú àáyá 19 péré. Kò sí ẹni tó lè jí kí ó sì tún sáfà ṣe láàárín ìyẹn. Ẹni tó bá ṣe irú ìlérí bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ ní sáfà kejì tí yóò gba iṣẹ́ fúnra rẹ̀ láìdúró de ènìyàn. Tí ẹnìkan bá wá tà á fún yín lówó pọ́ọ́kú, ẹ béèrè ibi tí sáfà kejì wà.

Gígùn àkókò tí wọ́n ń kà á lé lórí tún ṣe pàtàkì ju bí ó ṣe ń rí lójú lọ. 99.9% lóṣù jẹ́ ìṣẹ́jú 43.2. 99.9% lọ́dún jẹ́ ìṣẹ́jú 525.6, ìyẹn wákàtí 8 àti ìṣẹ́jú 45 àti díẹ̀. Nọ́ńbà kan náà ni, àmọ́ lábẹ́ ti ọdún, wẹ́bùsáìtì lè kú láti aago mẹ́jọ àárọ̀ títí di aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ní ọjọ́ tí ẹ fẹ́ pín èlé fún ọmọ ẹgbẹ́, kí ìlérí ó sì wà láìbàjẹ́. Oṣooṣù ni tiyín, ẹ má jẹ́ kí wọ́n yí i padà nígbà tí ẹ bá ń tún àdéhùn ṣe. Ohun tí wọn ò bá ná lóṣù kan kì í sì í wọ oṣù tó tẹ̀lé e. Tí oṣù kẹwàá bá pé láìkú rárá, kò pa gbèsè oṣù kẹsàn-án rẹ́.

Ohun kan wà tí ìdá ọgọ́rùn-ún kò mọ̀: kò mọ ìgbà tí nǹkan kú. Ìṣẹ́jú 35 ní òwúrọ̀ Ìṣẹ́gun àti ìṣẹ́jú 35 ní aago mẹ́ta òru dọ́gba lójú rẹ̀. Mo wò ó bí ẹni pé wákàtí iṣẹ́ nìkan ni a kà, aago mẹ́jọ sí aago márùn-ún, ọjọ́ Ajé sí ọjọ́ Ẹtì. Ọjọ́ 22 bẹ́ẹ̀ ló wà nínú oṣù yẹn, bí a kò bá yọ ọlidé, ìṣẹ́jú 11,880 lápapọ̀. Ìdádúró ọjọ́ 9 àti ti ọjọ́ 23 nìkan ló bọ́ sínú rẹ̀, ìṣẹ́jú 43. Ó já sí 99.64%. Ó burú ju 99.77% lọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé a ti yọ ju ìdajì ìdádúró kúrò. Lójú mi, ìyẹn ló sún mọ́ ohun tí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ yín rí. Kò sí nínú àdéhùn yín, ẹ kò lè fi gba owó lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, àmọ́ ẹ fi han ìgbìmọ̀ yín.

Kí n tó fi yín sílẹ̀, ẹ wo ibi tí ètò tó ń ṣọ́ wẹ́bùsáìtì yín wà. Tí orí kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì ló wà, ìgbàkígbà tí iná bá lọ tàbí tí íńtánẹ́ẹ̀tì ọ́fíìsì bá já, yóò kọ ọ́ sílẹ̀ pé sáfà kú, bẹ́ẹ̀ ẹ̀yin lẹ kò rí ọ̀nà débẹ̀. Ní ọjọ́ 14 oṣù kẹta ọdún 2024, wáyà abẹ́ òkun tó ń gbé íńtánẹ́ẹ̀tì wá sí Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà já nítòsí Abidjan. WACS, MainOne, ACE àti SAT-3 wà lára wọn. Ọ̀pọ̀ sáfà tó wà ní Yúróòpù kò kú rárá lọ́jọ́ yẹn, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ènìyàn ní Nàìjíríà kò rí wọn lò. Ẹni tó ń tọ́jú sáfà yóò ní kì í ṣe ẹ̀bi òun, àdéhùn púpọ̀ sì gbè é lẹ́yìn. Ó kéré tán, ẹ jẹ́ kí ibi méjì máa ṣọ́ ọ, ọ̀kan ní Nàìjíríà, ọ̀kan ní òkèèrè. Tí méjèèjì bá sọ pé ó kú, sáfà ló kú. Tí ti Nàìjíríà nìkan bá sọ bẹ́ẹ̀, ọ̀nà ló já.

Ní báyìí, ẹ kọ ìlà mẹ́rin wọ̀nyí sí wọn: 25, 35, 30, 8, kí ẹ kọ ìdí tí ìkọ̀ọ̀kan fi rí bẹ́ẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kí ẹ sì béèrè àkọsílẹ̀ tiwọn gan-an, tí ìgbà ìbẹ̀rẹ̀ àti ìparí wà nínú rẹ̀ pẹ̀lú irú aago tí wọ́n lò. Ẹ fúnra yín yọ àwọn ìṣẹ́jú tí ẹ ti kà lé wọn lórí láìtọ́. Wọn yóò gbọ́ yín dáadáa lórí èyí tó kù. Kí ẹ sì yẹ àdéhùn wò fún ọjọ́ tí ẹ̀tọ́ láti béèrè owó yóò parí. Lọ́dọ̀ Amazon, fún àpẹẹrẹ, oníbàárà ló gbọ́dọ̀ béèrè fúnra rẹ̀, kí àkókò ìsanwó kejì lẹ́yìn ìdádúró náà tó parí; ẹni tí kò bá béèrè kò ní rí nǹkankan gbà. Tí tiyín bá ní irú ìlà bẹ́ẹ̀, ẹ fi ìwé náà ránṣẹ́ lọ́sẹ̀ yìí, kí ẹ sì mú ọ̀rọ̀ aago Nàìjíríà àti ti dátábéèsì wọ inú àdéhùn nígbà tí ẹ bá fẹ́ tún un ṣe.